Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ sí òṣìṣẹ́ tí kò wá iṣẹ́: bí a ṣe ń sọ iṣẹ́, owó àti ìdí

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ yóò ka ohunkóhun tí a bá kọ sí i. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun wá òmíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ láti Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń lọ sílé, fóònù rẹ̀ dún, ó rí ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn oníjìbìtì tún ti dé. N kò lè dá a lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní kí a wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé kan ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí a múra dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé a kò kọ̀wé béèrè iṣẹ́ kankan. Bí èèyàn bá sì débẹ̀, ọjà ni wọ́n yóò ní kó wá máa tà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sọ iṣẹ́ wo gan-an, kì í sọ eélòó, kì í sì í sọ ìdí tó fi jẹ́ ìwọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ti àwa tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ náà kò bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ohun tí yóò fi yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára wọn.

Iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ilé-iṣẹ́ kajú kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó fi ṣàlàyé. Alábòójútó ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n tó pa kajú, wọ́n ní láti fi ooru omi sè é kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, inú bọ́ílà ni ooru náà sì ti ń wá, nítorí náà bí bọ́ílà bá dákẹ́ láàárọ̀, gbogbo àwọn obìnrin tó ń pa kajú, tó ń bó o, tó ń ṣà á ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, yóò káwọ́ gbera. Ẹni tó yẹ fún iṣẹ́ yìí kò lè jókòó sílé kó máa retí àtẹ̀jíṣẹ́ wa. Ìlọrin ló wà, ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba iye owó gidi lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú, n ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pé eélòó ni yóò san, ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe iye owó rárá. Yóò ní, “Ẹ ṣáà mú un wá ná, a ó jọ sọ ọ́,” tàbí kó pe iye méjì tí wọ́n jìnnà síra bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe jìnnà sí Èkó. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kajú yìí sọ fún mi pé láti 150,000 sí 500,000 náírà ni. N kò bá a jiyàn. Mo kàn bi í ní ìbéèrè méjì. Èkíní: bí ẹni tó kéré jù tí ẹ lè gbà bá dé ní ọ̀la, eélòó ni ẹ kò ní tijú láti kọ sínú ìwé fún un? Èkejì: eélòó ni ẹ lè fọwọ́ sí fúnra yín, láìjẹ́ pé ẹ tún lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó pe akọ̀wé owó rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, ohun tó sì kù nígbà tí wọ́n parí ni 280,000 sí 340,000. Àwọn 500,000 yẹn kò fìgbà kankan wà nínú àpò rẹ̀.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé bí gbèdéke òkè bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lórí gbèdéke ìsàlẹ̀, mo máa ń padà lọ bi ọ̀gá náà bóyá iṣẹ́ méjì ló fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ tún ẹ̀rọ ṣe, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń darí àwọn tó ń tún un ṣe.

Mo kọ́ èyí lọ́nà tó dùn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ̀wé sí obìnrin aṣírò-owó kan ní ìlú Ọ̀yọ́, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó iṣẹ́ náà wà láàárín 150,000 àti 400,000 náírà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ṣe sọ ọ́. Obìnrin náà gba ààyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó wá, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, wọ́n sì fi 170,000 lọ̀ ọ́. Kò bínú sí wọn. Èmi ló bínú sí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ 400 fún mi.” Mo fẹ́ sọ pé mo sọ 150 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Gbèdéke òkè nìkan ni etí máa ń gbọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ gbèdéke òkè kankan tí ẹ kò ní lè fojú gbọ́n-ín-rán wo ẹni náà kí ẹ sì sọ fún un pé, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa san án fún ẹni tó bá kún ojú òṣùwọ̀n.

Ohun kan tún kù lórí owó. Òṣìṣẹ́ mọ iye tó ń dé sínú àkáǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù, nítorí pé báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò rántí iye tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Bí ẹ bá kọ iye tí wọn kò tíì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀, iye tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi wé e, yóò sì rò pé tiyín ju bó ṣe rí lọ. Ẹ kọ méjèèjì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń yọ lára owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́, tí agbanisíṣẹ́ yóò sì fi 10 tirẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 kò gba owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó ọdún. Ó gba ìpín 15 lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, àti 18 lórí èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìpìlẹ̀, ilé àti ọkọ̀ bá jẹ́ gbogbo owó oṣù náà, tí a kò sì tíì ka ìdínkù tí òfin fún ẹni tó ń san owó ilé, 280,000 yóò di nǹkan bí 228,000, 340,000 yóò sì di nǹkan bí 273,000. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń gé àṣẹ́kù sí, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bi mí léèrè ẹgbẹ̀rún kan náírà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìdí kan tó jẹ́ ti ẹni náà nìkan

“Mo rí ìrírí yín, ó sì wú mi lórí púpọ̀” kì í ṣe ìdí. Bí mo ṣe ń yẹ ìdí wò nìyí: mo máa ń yọ orúkọ ẹni náà kúrò, n ó sì bi ara mi pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí alábòójútó ẹ̀rọ mìíràn ní Ìbàdàn, ṣé yóò bá a mu? Bí ó bá bá a mu, n kò tíì rí ìdí.

Ọkùnrin ará Ìlọrin yìí gbé fídíò kékeré kan sí ojú-ìwé rẹ̀ lórí LinkedIn. Ó di páìpù kan tó yọ látinú bọ́ílà mú, ó fi ṣúkúdíráfà ha inú rẹ̀, èèpá funfun sì ń já bọ́ sílẹ̀ bí ẹfun. Ó ṣàlàyé pé omi kànga tí a kò tọ́jú kó tó wọ bọ́ílà ló ń di èèpá yìí, pé èèpá náà kì í jẹ́ kí ooru kọjá bó ṣe yẹ, tí epo tí a ń jó yóò fi máa pọ̀ sí i, tí páìpù yóò sì gbóná jù títí yóò fi bẹ́. Mo gbé fídíò náà lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kajú. Ó wò ó tán, ó ní, “Ohun tó dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí nìyẹn.” Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí: ohun tí mo fi ojú mi rí pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe, tí ó pàdé ìṣòro kan pàtó tó wà níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ pè é sí. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá yìn ín nìkan, ó di ìpọ́nni. Bí ẹ bá sọ ìṣòro ilé-iṣẹ́ nìkan, yóò bi yín pé kí ló kan òun.

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé síta fún gbogbo ayé nìkan ni kí ẹ mẹ́nu bà. Bí ẹ bá gbọ́ látẹnu ẹlòmíràn pé ọ̀gá rẹ̀ ń ni ín lára, tàbí pé ìyàwó rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ pa á mọ́ sínú. Ẹ̀rù ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dá sí èèyàn lára. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ibi tí ẹ ti rí nọ́ńbà náà pamọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún un láṣẹ láti mọ̀ ọ́n, àti láti ní kí ẹ pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìkíni àti ìlà àkọ́kọ́

Ọmọ Yorùbá kì í wọlé láìkí onílé, àmọ́ kí èèyàn tó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló ń rí lójú rẹ̀. Bí ẹ bá lo gbogbo àyè yẹn láti béèrè àlàáfíà ara rẹ̀, ti ilé àti ti àwọn ọmọ, yóò rò pé ẹni tó fẹ́ yá owó ni. Ìkíni kan ṣoṣo tó. “Ẹ kú iṣẹ́ o” dára púpọ̀, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Orúkọ rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni tàbí Arábìnrin. Lẹ́yìn náà ni orúkọ iṣẹ́ àti ìlú tó wà. Ẹ máa lo “ẹ” àti “yín” títí dé òpin, kódà bí àwòrán rẹ̀ bá fi hàn pé àbúrò yín ni. Ẹ má pè é ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má sì pè é ní bọ̀ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀rọ̀ náà gan-an

Ohun tí mo kọ sí i lórí WhatsApp nìyí. Orúkọ nìkan ni mo yọ kúrò.

> Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni … Iṣẹ́ alábòójútó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kajú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi ń kọ̀wé sí yín. A kò mọ ara wa rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Ojú-ìwé yín lórí LinkedIn ni mo ti rí nọ́ńbà yín.
>
> Mo wo fídíò tí ẹ ti ha èèpá inú páìpù bọ́ílà, tí ẹ sì ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú omi kànga. Ìṣòro yẹn gan-an ló dá bọ́ílà ilé-iṣẹ́ yìí dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí.
>
> Ẹ ó máa bójú tó bọ́ílà kan, ẹ̀rọ tó ń pa kajú àti ààrò tó ń gbẹ ẹ́, òṣìṣẹ́ mẹ́rin yóò sì wà lábẹ́ yín. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ní ojúmọmọ. Owó oṣù jẹ́ 280,000 sí 340,000 náírà kí a tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Nǹkan bí 228,000 sí 273,000 ni yóò dé ọwọ́ yín. Wọn kò fúnni ní ilé.
>
> Mo mọ̀ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ sí i, ẹ dá mi lóhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni”, n ó sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti àlàyé iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá wù yín, “rárá” ti tó, n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni …, ọ́fíìsì wa wà ní Tákíè.

Ẹ wo ohun méjì níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ polówó iṣẹ́ yóò fẹ́ yọ kúrò: ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tó ń gbé Ìlọrin yóò béèrè ilé bí ẹ kò tilẹ̀ sọ ọ́, bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì ló tó gbọ́ pé kò sí, ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ti sọ dáadáa yóò bàjẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tí yóò ná an lówó wà lára owó oṣù.

N kò ní kó fi ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò wá iṣẹ́ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítòsí, bí a bá sì béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ àṣesílé ni a gbé fún àlejò. Ní ti orúkọ ilé-iṣẹ́, ó sàn kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá gbà. Àwọn wọ̀nyí kò gbà, nítorí pé ẹni tó wà lórí àga náà kò tíì fi ìwé ìkúrò rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ni mo fi kọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ìlú tí wọ́n wà, tí mo sì sọ ìgbà tí n ó fi orúkọ náà hàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí ẹ ó fi í sí àti ìgbà tí ẹ ó fi ránṣẹ́

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ láé, ẹ má sì pe fóònù ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àpótí yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ lè ṣí i, ẹ ó sì ti kó o sí wàhálà tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ fẹ́ lò, ẹ ṣọ́ra fún àmì orí ọ̀rọ̀. Ojú-ewé kan gba lẹ́tà 160 bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, ṣùgbọ́n bí ẹyọ ọ̀ kan tàbí ṣ kan bá ti wọ inú rẹ̀, 70 péré ló kù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yìí yóò di ojú-ewé tó ju mẹ́wàá lọ, ó lè má dé ní ìtòtẹ̀léra, ìlà owó sì lè dé ṣáájú ìkíni. Nítorí náà, bí nọ́ńbà náà kò bá sí lórí WhatsApp, mo máa ń fi ìlà kan péré béèrè ibi tí mo lè kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí.

Ní ti àkókò, aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló ti bá mi mu jù. Ẹ fi ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún Jímọ̀, kí ẹ sì fi àárọ̀ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Bí ó bá dákẹ́, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi ohun tuntun kan sínú rẹ̀, irú bí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ dẹ́kun wíwá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jáwọ́. “Rárá” kò fẹ́ àlàyé. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì mú ìlérí yín ṣẹ.

Ọkùnrin wa dáhùn ní ọjọ́ kejì. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ rárá. Ó béèrè bóyá dísù ni bọ́ílà náà ń jó tàbí èèpo kajú, ó sì ní 251,000 ni owó tó ń dé ọwọ́ òun báyìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti wọ inú ilé ẹ̀rọ náà. Èkejì túmọ̀ sí pé gbèdéke ìsàlẹ̀ wa yóò dín owó rẹ̀ kù, tí òkè sì fi nǹkan bí 22,000 ju tirẹ̀ lọ, nígbà tí yóò tún ní láti gba ilé. Kí n tó dá a lóhùn, mo pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ láti bi í bóyá yóò san iye òkè fún ẹni tó bá mọ ìtọ́jú omi bọ́ílà. Ó ní yóò san án, àmọ́ òun kò ní fi náírà kan lé e.

Mo kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: èèpo kajú ni wọ́n ń jó, 340,000 ni yóò jẹ́ fún un bí ó bá kẹ́sẹ járí, kò sì ní kọjá ibẹ̀ lọ́dún yìí. Ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó tún kọ̀wé. Ó ní, “Ó dáa, ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́.” Mo fi í ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú àlàyé iṣẹ́ ojú-ewé kan àti iye owó kan náà tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́.